Igbó Ni àbí Oko Kòkó? Bí Sátẹ́láìtì Ṣe Ń Ka Ilẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tó Ti Ṣì Í Kà

Ní ọ̀pọ̀ oko kòkó àtijọ́ ní ẹkùn Ìdànrè àti Ọ̀rẹ̀, àwọn bàbá wa kì í gé gbogbo igi igbó kí wọ́n tó gbin kòkó. Wọ́n á dá ìrókò díẹ̀ sí, wọ́n á dá afàrà àti àràbà sí, kí ìbòòji wọn lè gba oòrùn lórí kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Ẹni tó bá dúró nínú oko bẹ́ẹ̀ kò lè ṣì í mọ̀. Èso kòkó so mọ́ ara igi, ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, ọ̀nà tí àgbẹ̀ ń tọ̀ lójoojúmọ́ sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wò ó láti òkè, orí igi nìkan ló rí, orí igi oko yẹn àti orí igi igbó gidi sì jọra púpọ̀.

Ìjọra yìí ti di ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ òfin. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tó bá wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìgbà tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ 2020 yẹn kò yí padà. Olùtajà gbọ́dọ̀ sọ ibi tí oko wà gan-an, máàpù tí wọ́n yà láti inú àwòrán sátẹ́láìtì sì wà lára ohun tí wọ́n lè fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Bí máàpù ọdún 2020 bá pe oko kòkó tó ti pé ọgbọ̀n ọdún ní igbó, tí máàpù ọdún 2024 sì wá pè é ní kòkó, yóò dà bíi pé àgbẹ̀ náà gé igbó láàárín ọdún mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ló gbin oko ọ̀hún. Àṣìṣe náà lè gba ọ̀nà kejì pẹ̀lú: igbó ọba tí wọ́n ti sọ di oko lábẹ́ igi ńláńlá lè máa hàn nínú ìwé ìjọba bí igbó tó ṣì dúró.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí a jọ tẹ̀ lé irú máàpù bẹ́ẹ̀ láti ibi tí àwòrán ti jáde títí dé ibi tí wọ́n ti ń kéde pé ó péye. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ máàpù, bíi pé ó péye dé ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó fún ẹni tó fẹ́ fi máàpù náà dájọ́ lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Ohun tí sátẹ́láìtì rí

Sátẹ́láìtì tí ọ̀pọ̀ ń lò fún iṣẹ́ yìí ni Sentinel-2, ti àwọn ará Yúróòpù. Àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, èkejì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Wọ́n ń yí ayé po ní nǹkan bíi kìlómítà 786 sókè, méjì nínú wọn sì máa ń jọ pín iṣẹ́ náà débi pé ibì kan náà ń padà bọ́ sábẹ́ ojú wọn ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán wọn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó para pọ̀ di àwòrán náà ni àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tí à ń pè ní píkísẹ̀lì. Èyí tó kéré jù nínú wọn dúró fún mítà 10 lóròó àti mítà 10 níbùú lórí ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé hẹ́kítà kan ń gba 100 píkísẹ̀lì.

Ojú wa ń rí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Sentinel-2 ń rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tún ń rí ìmọ́lẹ̀ infuráréèdì tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìpele ìmọ́lẹ̀ 13 ló ń wọ̀n lápapọ̀. Fún píkísẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ iye ìmọ́lẹ̀ tí ilẹ̀ ibẹ̀ dá padà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ewé tútù máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa sára láti fi ṣe oúnjẹ, ó sì máa ń dá infuráréèdì tó sún mọ́ pupa padà gidigidi. Omi ń gbé infuráréèdì mì. Ilẹ̀ gbígbẹ àti ọ̀pọ̀ òrùlé ń dá infuráréèdì tó jìnnà sí pupa padà dáadáa. Ohun tí kọ̀ǹpútà ní lọ́wọ́ nìyẹn. Kò rí igi, kò rí oko. Àkójọ nọ́ńbà ló rí.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi nọ́ńbà wọ̀nyí mọ ibi tí ewé tútù wà ni ìṣirò yìí:

```
NDVI = (B8 - B4) / (B8 + B4)
```

B8 ni infuráréèdì tó sún mọ́ pupa, B4 ni pupa fúnra rẹ̀. Bí èsì bá ti ń sún mọ́ 1 ni ewé tútù ń pọ̀ tó. Bí ó bá wà nítòsí 0, ilẹ̀ lásán tàbí òrùlé ló sábà máa ń jẹ́. Ìṣirò yìí yóò ya ìlú Òǹdó sọ́tọ̀ kúrò lára oko tó yí i ká láìsí wàhálà. Àmọ́ bí a bá gbé e dé iwájú igbó àti oko kòkó tó gbó, àwọn méjèèjì lè jọ wà lókè 0.7, kí ìṣirò náà má rí ohun kan sọ.

Àkókò ọdún ló máa ń ràn wá lọ́wọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn igi ńlá kan nínú igbó, bí àràbà àti arère, máa ń wọ́ ewé wọn sílẹ̀, nígbà tí kòkó ń di èyí tó pọ̀ nínú ewé tirẹ̀ mú. Ẹni tó bá fi àwòrán oṣù Kọkànlá wé ti oṣù Kejì lè rí ìyàtọ̀ tí àwòrán ọjọ́ kan kò lè fi hàn án. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lásìkò òjò, kùrukùru bo ẹkùn wa débi pé ọ̀pọ̀ àwòrán kò wúlò, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, ọyẹ́ á gbé eruku wá. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń kó gbogbo àwòrán ẹ̀ẹ̀rùn jọ, wọ́n á sì mú iye tó bọ́ sí àárín fún píkísẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ tí kùrukùru bò tàbí tí eruku bò má baà jọba lórí àwòrán. Àwọn mìíràn á fi Sentinel-1 kún un, ìyẹn sátẹ́láìtì tó ń lo rédà, nítorí pé rédà ń gba inú kùrukùru kọjá. Ó tún ń gbọ́ bí orí igi ṣe rí gbágungbàgun tàbí tó tẹ́jú, ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò lè sọ tó bẹ́ẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ́ ìyàtọ̀

Kọ̀ǹpútà kò lè mọ kòkó bí ẹnìkan kò bá kọ́kọ́ fi kòkó hàn án. Nítorí náà, àwọn ènìyàn á lọ sí oko, wọ́n á fi GPS gba ibi tí wọ́n dúró, wọ́n á sì kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀: igbó, kòkó, oko gbàgùúdá àti àgbàdo, tàbí ilé. Ó yẹ kí wọ́n dúró láàárín oko, kí wọ́n má dúró sí etí rẹ̀. GPS inú fóònù lè ṣìnà ní mítà mélòó kan, lábẹ́ igi ńlá sì ni ó máa ń burú jù. Píkísẹ̀lì kò ju mítà 10 lọ. Ẹni tó bá dúró sí ààlà oko kòkó lè kọ kòkó sílẹ̀ fún píkísẹ̀lì tó jẹ́ igbó, kọ̀ǹpútà á sì kọ́ irọ́ yẹn bí ẹní kọ́ òótọ́.

Iye ibi tí wọ́n bá gbà fún ohun kọ̀ọ̀kan náà ṣe pàtàkì. Bí ẹnìkan bá kó 900 ibi fún igbó àti 50 fún kòkó, kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ sí igbó nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú, nítorí ohun tó ti rí jù ló máa kọ́kọ́ rò.

Lẹ́yìn èyí ni ìlànà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní rándọ́ọ̀mù fọ́rẹ́sìtì á wọlé. Leo Breiman, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Bẹ́kílì, ló gbé e jáde ní 2001. Kí a má baà kó o pọ̀ mọ́ igbó gidi tí à ń sọ, n ó máa pè é ní ọ̀wọ́ igi ìpinnu.

Igi ìpinnu kan jẹ́ ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé ìbéèrè. Ṣé infuráréèdì tó sún mọ́ pupa ga ju iye kan lọ ní píkísẹ̀lì yìí? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yà sápá kan. Ó lè jẹ́ ilé tàbí ilẹ̀ lásán. Bí bẹ́ẹ̀ ni, ṣé infuráréèdì tó jìnnà sí pupa kéré ju iye mìíràn lọ ní oṣù Kejì? Báyìí ni ìbéèrè á máa yà sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi dé ìdí ẹ̀ka kan, níbi tí ìdáhùn wà: igbó, tàbí kòkó. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń wá ìbéèrè tó ya àwọn ibi tí a fi kọ́ ọ sọ́tọ̀ jù.

Igi kan ṣoṣo kì í ṣeé gbára lé. Ó máa ń há gbogbo ohun tí a fi kọ́ ọ sórí, títí kan àṣìṣe inú rẹ̀. Bí a bá pààrọ̀ ibi díẹ̀ lára ohun tí a kó wá, ó lè yí ìbéèrè rẹ̀ padà pátápátá. Breiman mú kí igi pọ̀, ó sì mú kí wọ́n yàtọ̀ síra lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, igi kọ̀ọ̀kan kì í rí gbogbo ibi tí a kó wá. Wọ́n ń gbé kèké lé wọn lórí, ibi tí kèké mú lè tún bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta gbogbo ibi náà kò ní kan igi kan pàtó rárá. Èkejì, níbi ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, igi náà kò láǹfààní láti yẹ gbogbo ìpele ìmọ́lẹ̀ wò. Díẹ̀ tí kèké bá mú nìkan ló lè yàn láàárín wọn. Nítorí èyí, àṣìṣe igi kan kì í sábà jẹ́ àṣìṣe ìkejì rẹ̀. Nígbà tí píkísẹ̀lì kan bá wá dé, gbogbo igi á dìbò, ohun tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni máàpù á kọ sílẹ̀.

Lórí Google Earth Engine, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ lọ. `train` ni àkójọ ibi tí a fi kọ́ ọ, `test` ni ibi tí a fi pamọ́ láti dán an wò, 200 sì ni iye igi:

```
var bands = ['B2','B3','B4','B8','B11','B12'];
var rf = ee.Classifier.smileRandomForest(200)
  .train(train, 'class', bands);
var map = image.select(bands).classify(rf);
var m = test.classify(rf)
  .errorMatrix('class', 'classification');
print(m, m.accuracy());
```

Ohun kan wà nínú ìdìbò yìí tí máàpù máa ń gbé mì, ó sì máa ń dùn mí. Ká ní igi 112 dìbò fún kòkó ní píkísẹ̀lì kan, tí igi 88 dìbò fún igbó. Kòkó ni máàpù á kọ. Ní píkísẹ̀lì kejì, igi 198 lè dìbò fún kòkó. Kòkó náà ni máàpù á kọ, àwọ̀ kan náà ni wọn yóò sì gbà. Ẹni tó ń wo máàpù kò ní mọ̀ pé iyèméjì wà ní ọ̀kan, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ní èkejì. Ṣíṣe máàpù kejì tó ń fi bí ìbò ṣe pín hàn kò gba agbára, ó sì yẹ kí wọ́n máa tẹ méjèèjì jáde pọ̀.

Tábìlì àṣìmọ̀

A ti ní máàpù báyìí. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé kò purọ́? Wọ́n á gbé kèké láti yan àwọn ibi tuntun lórí rẹ̀, wọ́n á lọ wo ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, tàbí kí wọ́n wò ó nínú àwòrán òfuurufú tó mọ́lẹ̀ débi tí a ti lè rí orí igi kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ẹni tó ń wò ó má mọ ohun tí máàpù sọ, kí ojú rẹ̀ má baà tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ ohun tí máàpù sọ àti ohun tí ilẹ̀ jẹ́ sínú tábìlì tí wọ́n ń pè ní kọnfúṣọ̀n mátíríìsì, tábìlì àṣìmọ̀.

Ká mú ilẹ̀ kan tó tó hẹ́kítà 100,000 ní ẹkùn kòkó ìpínlẹ̀ Òǹdó. Àwọn nọ́ńbà tí n ó lò yìí, fún àlàyé ni mo ṣe kọ wọ́n. Wọn kì í ṣe èsì ìwádìí ẹnikẹ́ni. Ká ní a yan 100 ibi nínú ohun kọ̀ọ̀kan tí máàpù dárúkọ, tí a sì rí èyí:

| Ohun tí máàpù sọ | Igbó gidi | Kòkó gidi | Oko gbàgùúdá gidi | Ilé gidi | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|---|
| Igbó | 70 | 27 | 3 | 0 | 100 |
| Kòkó | 12 | 80 | 8 | 0 | 100 |
| Oko gbàgùúdá | 2 | 9 | 83 | 6 | 100 |
| Ilé | 0 | 0 | 9 | 91 | 100 |
| Àpapọ̀ | 84 | 116 | 103 | 97 | 400 |

Ibi tí orúkọ ìlà àti orúkọ òpó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni máàpù ti gbà á: 70, 80, 83, 91. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 324 nínú 400, ìyẹn ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ máàpù nìyẹn. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó yìn ín, a ó sì lọ ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà àkọ́kọ́. Nínú 100 ibi tí máàpù pè ní igbó, 70 ni igbó. 27 jẹ́ oko kòkó. Ẹni tó bá gbé máàpù yìí lọ́wọ́ tó ń wá igbó yóò bọ́ sínú oko kòkó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà mẹ́rin. Ìpéye lójú ẹni tó ń lo máàpù ni wọ́n ń pe èyí, ìlà ni a sì fi ń kà á. Bí a bá wá ka òpó, a ó rí ìbéèrè mìíràn: nínú 116 ibi tó jẹ́ kòkó gan-an, mélòó ni máàpù rí? 80 péré, ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpéye lójú ẹni tó yà á nìyẹn. Ìbéèrè méjèèjì kò jọra. Máàpù lè máa sọ òótọ́ nígbàkígbà tó bá pe ibì kan ní kòkó, kó sì tún jẹ́ pé kò rí ọ̀pọ̀ kòkó rárá.

Ẹ tún wo ilé. Ìpéye rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n 9 nínú 100 ibi tí máàpù pè ní ilé jẹ́ ilẹ̀ oko. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ ìdí rẹ̀: páànù tó ti dípẹtà àti ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí ń dá ìmọ́lẹ̀ tó jọra padà. Irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìdí tó hàn, oṣù mìíràn sì lè wò ó sàn, nítorí pé oko yóò hu ewé, páànù kò ní hu.

Ẹni tó ń ka tábìlì yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà ní ìlà àti ohun tó wà ní òpó. Nínú tábìlì tèmi yìí, máàpù ló wà ní ìlà. Èyí tí Google Earth Engine ń tẹ̀ jáde fi òtítọ́ ilẹ̀ sí ìlà, ó fi máàpù sí òpó. Ẹni tí kò bá béèrè á gbé ìpéye kan sípò èkejì.

Hẹ́kítà tí kò sí

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí. Máàpù wa sọ pé igbó jẹ́ hẹ́kítà 40,000, kòkó 25,000, oko gbàgùúdá 30,000, ilé 5,000. Ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ á kó nọ́ńbà wọ̀nyí lọ tààrà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde. Tábìlì àṣìmọ̀ sì ti sọ fún wa pé wọn kò tọ̀nà.

Bí 70 nínú 100 bá jẹ́ igbó lórí ohun tí máàpù pè ní igbó, hẹ́kítà 28,000 nínú 40,000 ni igbó gidi. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó pè ní kòkó jẹ́ igbó, ìyẹn fi 3,000 kún un. Ìdá 2 nínú oko gbàgùúdá fi 600 kún un. Igbó gidi wá jẹ́ 31,600. Bí a bá ṣe kòkó bẹ́ẹ̀, 10,800 á wá láti inú ohun tí máàpù pè ní igbó, 20,000 láti inú kòkó, 2,700 láti inú oko gbàgùúdá: 33,500. Máàpù fún wa ní igbó hẹ́kítà 8,400 tí kò sí, ó sì fi kòkó hẹ́kítà 8,500 pamọ́. Lójú máàpù, igbó ló pọ̀ jù lórí ilẹ̀ náà. Lójú ilẹ̀, kòkó ni.

Ìpéye pẹ̀lú yí padà. Igbó gba àyè púpọ̀ lórí ilẹ̀ náà, ibẹ̀ sì ni máàpù ti ṣìnà jù, nígbà tí ilé tó mọ̀ dáadáa kò ju hẹ́kítà 5,000 lọ. Bí a bá fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó gbà lórí ilẹ̀, 81 á di nǹkan bíi 77. Ìdá kòkó tí máàpù rí á lọ sílẹ̀ láti 69 sí nǹkan bíi 60.

Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ibi 400 ni a wò, àyè gbọ́dọ̀ wà fún èèṣì. Fún tábìlì yìí, àyè náà tó nǹkan bíi hẹ́kítà 4,000 sókè àti sísàlẹ̀ fún igbó. Igbó gidi lè wà láàárín 27,600 sí 35,600. 40,000 tí máàpù sọ kò sí láàárín wọn. Kì í ṣe èèṣì ibi tí a yàn ló fà á. Máàpù ló ṣì í kà. Pontus Olofsson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìlànà ìṣirò yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ń ya máàpù ní 2014, n kò sì rí ìdí tí ìjábọ̀ kan yóò fi jáde láìlò ó.

Nọ́ńbà mìíràn tí ẹ ó máa rí ni kápà, tí Jacob Cohen gbé jáde ní 1960 láti fi wọn ìgbà tí adájọ́ méjì bá fohùn ṣọ̀kan. Láti 2011 ni Robert Pontius àti Marco Millones ti kọ̀wé pé kí àwọn tó ń ya máàpù ilẹ̀ fi í sílẹ̀, nítorí pé kò sọ irú àṣìṣe tó wáyé. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Tábìlì fúnra rẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ìpéye ti ń di irọ́

Ó wọ́pọ̀ kí ẹnìkan kọ́ kọ̀ǹpútà kí ó sì dán an wò pẹ̀lú ibi tó sún mọ́ra. Ká ní ó yí ààlà oko kòkó hẹ́kítà kan ká lórí àwòrán, ó rí 100 píkísẹ̀lì níbẹ̀. Ó gbé kèké, ó fi 70 kọ́ kọ̀ǹpútà, ó fi 30 dán an wò. Píkísẹ̀lì 30 yẹn jẹ́ ti àgbẹ̀ kan náà, ọjọ́ orí kòkó kan náà, abẹ́ igi kan náà. Ó dà bí olùkọ́ tó fi ìbéèrè ìdánwò ṣe iṣẹ́ kíláàsì lánàá. Ìpéye á ga sókè dé 95, máàpù á sì ṣubú ní abúlé kejì. Ohun tó yẹ ni kí gbogbo oko kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kan: bí a bá fi oko yẹn kọ́ ọ, kí a má fi píkísẹ̀lì kan nínú rẹ̀ dán an wò. Nígbàkígbà tí mo bá rí ìpéye tó ju 95 lọ lórí ibi tí igbó àti kòkó ti pàdé, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni bí wọ́n ṣe pín ibi wọn.

Àyẹ̀wò tí ọ̀wọ́ igi ìpinnu ń ṣe fúnra rẹ̀ kò sì lè rọ́pò ìdánwò yìí. Igi kọ̀ọ̀kan ní ibi tí kèké kò mú fún un, kọ̀ǹpútà sì lè fi ìyẹn dán an wò. Ṣùgbọ́n láti inú àpò kan náà ni ibi wọ̀nyẹn ti wá. Bí àwọn tó lọ sí oko bá dúró sí ẹ̀bá títì nìkan, àyẹ̀wò náà á sọ bí máàpù ṣe mọ ẹ̀bá títì tó, kò ní sọ nǹkan kan nípa inú lọ́hùn-ún.

Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n yan ibi tó rọrùn nìkan: àárín igbó kìjikìji, àárín oko kòkó tó tẹ́jú, àárín ìlú. Kò sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n mọ̀. Ibi tí owó àti ẹjọ́ wà ni oko kòkó abẹ́ ìrókò, kòkó kékeré tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì ń bò, àti oko tí wọ́n ti pa tì tó ń padà di igbó. Bí wọ́n bá yọ irú ibi wọ̀nyí kúrò nínú ìdánwò, tábìlì á dára, kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tó ń sọ òtítọ́ ilẹ̀ náà lè ṣìnà. Bí ó bá jẹ́ pé láti inú ọ́fíìsì ló ti ń wo àwòrán òfuurufú, òun náà orí igi nìkan ló rí. Fún oko kòkó abẹ́ igbó, kò sí ohun tó rọ́pò ẹsẹ̀ nínú oko.

Èyí ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kòkó kọ̀ọ̀kan lè gba igun oko ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n gbin kòkó, kí wọ́n kọ irú igi ìbòòji tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì ya fọ́tò láti abẹ́ igi pẹ̀lú ọjọ́ tó hàn lára rẹ̀. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ya máàpù kò rí tó, òun náà sì ni àgbẹ̀ yóò nílò bí máàpù bá pe oko bàbá rẹ̀ ní igbó ọdún 2020. Bí ilé iṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba bá sì gbé máàpù wá sí ìpàdé yín, ẹ béèrè tábìlì àṣìmọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe yan ibi tí wọ́n fi dán an wò, kí ẹ sì wo iye ibi tí igbó àti kòkó ti gbé ara wọn sípò. Bí wọn kò bá ní tábìlì náà lọ́wọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan lórí máàpù ọ̀hún.